Bí Ẹ Ṣe Lè Gé Lẹ́tà Gbèsè Owó Ilé Ẹ̀kọ́ Kúrú, Kí Iye Owó àti Gbèdéke Lè Ṣíwájú

Ìbéèrè tí àwọn akápò àti akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni máa ń bi mí jù lọ ní àárín sáà nìyí: "A ti kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, a sì to gbogbo ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń pe ọ́fíìsì láti béèrè iye tó kù?" Ojú ìwé náà gan-an ni ìdáhùn wà. Iye owó wà ní ìpínrọ̀ kẹta, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà á fara pamọ́ sínú gbólóhùn gígùn kan ní ìpínrọ̀ kẹrin, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí gbà á lọ́wọ́ ọmọ nígbà tó ń tajà lọ́wọ́ tàbí tó ń dáná oúnjẹ alẹ́. Kò ní kà á débẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí lẹ́tà gígùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fẹ́ kí ohun méjì yìí hàn lókè pátápátá, láì dín ọ̀wọ̀ tó yẹ òbí kù.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan lẹ́tà náà

Tí iye owó bá wà ní ìpínrọ̀ kẹta, àṣìṣe inú rẹ̀ lè má tètè hàn sí ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá gbé e lọ sókè pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, òun ni òbí máa kọ́kọ́ rí, ìjà sì lè bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, inú ìwé ìṣirò owó ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ba iye náà jẹ́ ni owó tí òbí fi ránṣẹ́ láti orí fóònù láì kọ orúkọ ọmọ mọ́ ọn. Owó ti wọ àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá tàbí orúkọ ìyàwó tó yàtọ̀ sí ti ọmọ ló wà lórí rẹ̀, akápò kò sì mọ ọmọ tó yẹ kó kọ ọ́ sí.

Ẹ rí i dájú pé ẹ ní àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó jókòó:

- Àkọsílẹ̀ báńkì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà di òní, tí ẹ ti fi wé ìwé ìṣirò, pàápàá àwọn owó tí kò ní orúkọ ọmọ.
- Ẹ̀dà rìsíìtì tí ẹ ti já fún òbí náà ní sáà yìí.
- Orúkọ àwọn òbí tó ti bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣe àdéhùn láti máa san díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà tí àwọn wọ̀nyí máa gbà yàtọ̀, mo sì máa sọ ọ́ nísàlẹ̀.
- Kàlẹ́ńdà sáà, kí ẹ lè rí ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ ìsinmi àti òpin oṣù.

## Lẹ́tà tí a máa gé

Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà kan tí irú rẹ̀ pọ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ náà wà ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n kọ lẹ́tà rẹ̀.

> Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, a kí yín ní orúkọ Ọlọ́run Ọba tó dá ayé àti ọ̀run. A gbàdúrà pé àlàáfíà ni fún gbogbo ìdílé yín. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó mú àwọn ọmọ wa wọ inú sáà tuntun yìí pẹ̀lú ayọ̀ àti ìlera.
>
> Inú àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ dùn láti fi tó yín létí pé a ti tún òrùlé kíláàsì mẹ́ta ṣe, a sì ti ra kọ̀ǹpútà tuntun. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti mọ̀, ohun gbogbo ló ti gbówó lórí lọ́jà, láti orí epo jẹnẹrétọ̀ títí dé orí ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé.
>
> Nígbà tí a yẹ ìwé wa wò, a ṣàkíyèsí pé àwọn òbí kan kò tíì san owó wọn tán, ẹ̀yin náà sì wà lára wọn, nítorí pé nínú ₦98,500 tó yẹ kí ẹ san, tó jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó ìwé, ₦60,000 ni ẹ ṣì san.
>
> A wá ń fi àsìkò yìí rọ̀ yín pé kí ẹ jọ̀wọ́ wá nǹkan ṣe sí i ní kíákíá, ó pẹ́ tán kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà di pé àwọn aláṣẹ yóò gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ. Ọlọ́run yóò máa pèsè fún yín o. Àmín.

Ẹ tún un kà dáadáa. Iye tí òbí jẹ kò sí nínú lẹ́tà yìí rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ yọ 60,000 kúrò nínú 98,500 fúnra rẹ̀. Gbèdéke kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé "kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀" kò ní ọjọ́, lẹ́tà náà kò sì sọ ọjọ́ tí ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì kò sí. Ẹni tí òbí lè pè kò sí. Bí ẹ bá kàn gé ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ kúrò, lẹ́tà náà á kúrú, ṣùgbọ́n kò ní wúlò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wá ohun tó sọnù kí ẹ tó wá ohun tó pọ̀ jù.

## Àwọn ìgbésẹ̀

1. Ẹ fi báírò fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Èló ló kù? Ọjọ́ wo ni ẹ fẹ́ ẹ? Ibo ni kí òbí san án sí? Ta ni òbí lè bá sọ̀rọ̀ bí kò bá rí i san? Ọ̀rọ̀ tí kò dáhùn ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yẹ kó wà ní ìdajì òkè ìwé náà. Ìbéèrè tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Nínú lẹ́tà tó wà lókè yìí, ìdajì ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan ló rí ìlà.

2. Ẹ ṣe ìyọkúrò náà fún òbí. Iye kan ṣoṣo ni kó wà lókè: ₦38,500. Ẹ má ṣe kọ iye gbogbo owó sáà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, torí pé ẹni tó bá ń yára wo ìwé lè mú ₦98,500 bíi gbèsè rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì dàrú lásán. Bí òbí bá ní ọmọ méjì lọ́dọ̀ yín, àpapọ̀ ti àwọn méjèèjì ni kó wà lókè, kí ẹ wá pín in nísàlẹ̀.

3. Ẹ yan ọjọ́ tó ṣeé ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ pé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù ní ìparí oṣù. Nítorí náà, gbèdéke tó bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù máa ń wọ́gi lé ara rẹ̀: òbí kò ní í lọ́wọ́, ọjọ́ á kọjá, ẹ̀yin náà á sì kọ lẹ́tà mìíràn. Lẹ́tà 27 Oṣù Kẹwàá yìí lè fi ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá 2025 ṣe gbèdéke. Owó oṣù ti wọlé nígbà náà, báńkì ṣí lọ́jọ́ náà fún ẹni tó fẹ́ lọ san án ní ojú kàǹtà, akápò sì wà ní ọ́fíìsì láti já rìsíìtì. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́, iye ọjọ́, orúkọ oṣù àti ọdún. Ẹ má ṣe kọ 7/11 nìkan nínú lẹ́tà, torí pé àwọn fóònù kan máa ń fi oṣù ṣíwájú ọjọ́, ẹni tó bá ti mọ́ lára lè kà á sí ọjọ́ kọkànlá oṣù keje.

4. Ẹ gbé méjèèjì sí òkè, kí ìkíni tó bẹ̀rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti máa ń lọ́ra, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ́ nílé mọ̀ pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ owó kí a tó kí i. Ṣùgbọ́n àkọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, òun ni ó ń sọ ohun tí ìwé dá lé lórí, gẹ́gẹ́ bí orúkọ oògùn ṣe máa ń wà lára ìgò. Ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ bí àkọlé ní ìlà méjì, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kí ìkíni wá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ò bàjẹ́, ojú sì ti rí ohun tó yẹ kó rí.

5. Ẹ dín ìkíni kù sí gbólóhùn kan tó bá ọ̀rọ̀ mu. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọmọ" ti tó. Ó kí òbí, ó sì jẹ́wọ́ pé ìnira wà nínú ohun tí ẹ ń béèrè. Àdúrà gígùn kò burú, àmọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́ ló yẹ ẹ́. Ìròyìn òrùlé àti kọ̀ǹpútà náà lọ sí ìwé mìíràn, ní ọ̀sẹ̀ mìíràn. Tí ẹ bá kó o pọ̀ mọ́ gbèsè, òbí á rò pé torí òrùlé ni ẹ ṣe ń béèrè owó, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

6. Ẹ fi ìṣirò hàn ní ìlà díẹ̀. Iye tó yẹ kí ẹ san, iye tí ẹ ti san àti ọjọ́ tí ẹ san án, iye tó kù. Ọjọ́ tí òbí san owó ṣe pàtàkì gidigidi, torí pé òun ló máa ń fi rí i bóyá ẹ ti gbàgbé owó kan. Bí owó rẹ̀ kan kò bá sí níbẹ̀, á mú rìsíìtì tàbí ẹ̀rí láti orí fóònù wá, ọ̀rọ̀ á sì parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

7. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ àkáǹtì bó ṣe wà ní báńkì gan-an. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló máa ń wà nínú nọ́ńbà àkáǹtì ní Nàìjíríà. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí báńkì padà, ẹ má ṣe fi lẹ́tà gbèsè kéde rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn oníjìbìtì máa ń gbà, òbí tó bá sì gbọ́n kò ní san án. Ẹ kéde ìyípadà náà ṣáájú, ní ojúkojú tàbí nípàdé.

8. Ẹ sọ ohun tó máa tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan, ní òtítọ́, ní ìsàlẹ̀. "Ìgbésẹ̀ tó yẹ" kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń dẹ́rù bani. Bí ẹ kò bá ní ṣe nǹkan kan, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ dárúkọ rẹ̀. Ní èrò tèmi, kó tó dé ibẹ̀, gbólóhùn tó ń pe òbí wá ṣàdéhùn ló yẹ kó ṣíwájú, torí pé òun ló ń mú owó wá lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní i tán.

## Lẹ́tà náà lẹ́yìn tí a gé e

> OWÓ TÓ KÙ: ₦38,500
> GBÈDÉKE: Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá 2025
>
> Orúkọ ọmọ: ____________ Kíláàsì kẹrin
>
> Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Èyí ni owó tó kù fún sáà kìíní:
>
> Owó ilé ẹ̀kọ́: ₦92,000
> Owó ìwé: ₦6,500
> Àpapọ̀: ₦98,500
> Ẹ san ní 15 Oṣù Kẹsàn-án 2025: ₦60,000
> Ó kù: ₦38,500
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san án sí: (orúkọ báńkì, orúkọ àkáǹtì, nọ́ńbà àkáǹtì). Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti kíláàsì rẹ̀ mọ́ owó náà.
>
> Bí ẹ bá ti san án, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó sì tún ìwé wa ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ní ṣeé ṣe láti san án tán lọ́jọ́ náà, ẹ pe akápò ṣáájú ọjọ́ náà (nọ́ńbà fóònù), kí a jọ fi ọjọ́ sí i.
>
> Ẹ ṣeun. Akápò ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó tẹ ẹ̀dà púpọ̀ jáde. Ẹ fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yín, ìbáà ṣe ìyá tó ń ta oúnjẹ fáwọn ọmọ, kó wò ó bíi ẹni tó ń kọjá lọ, kí ẹ sì gbà á padà. Ẹ bi í ní iye àti ọjọ́. Bí ó bá ní láti tún un wò, àlàfo tó wà láàárín àkọlé àti ìkíni kéré jù tàbí nǹkan mìíràn ti gba ibi tó yẹ kí iye owó wà. Àmì ilé ẹ̀kọ́ àti àdírẹ́sì tó gbòòrò jù ló sábà máa ń fà á.

Bí ẹ bá fẹ́ fi báírò kọ iye owó sínú àlàfo lórí ẹ̀dà tí ẹ ti tẹ̀, kí ẹnì kan máa kà láti inú ìwé ìṣirò, kí ẹlòmíràn máa kọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń wo ìwé tó sì ń kọ lè fo ìlà kan, gbèsè ọmọ kan á sì bọ́ sọ́wọ́ òbí ọmọ mìíràn.

## Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí fóònù

Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán gba àmì 160 lójú ìwé kan, bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà lára àwọn lẹ́tà tí ètò àtẹ̀jíṣẹ́ mọ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ tí kò mọ̀, iye náà á já wálẹ̀ sí 70. Àmì náírà (₦) wà lára ohun tí kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ, ọ àti ṣ tó ní àmì lábẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ rò pé ojú ìwé kan ni á wá di mẹ́ta, wọn á sì gba owó mẹ́ta lọ́wọ́ yín lórí òbí kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àwọn akápò níyànjú láti fi N ṣe náírà, kí wọ́n sì kọ Yorùbá láì fi àmì sí i nínú àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan:

```
N38,500 lo ku ninu owo ileewe omo yin, kilaasi 4. E san an ki Ojo Eti 7 Osu Kokanla 2025 to pari. Akanti wa lori iwe ti omo mu wale. E se.
```

Àmì 138 ni gbogbo rẹ̀, ó ku 22 tí ẹ lè fi kọ orúkọ ọmọ. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kò sí nínú rẹ̀, torí pé ibi orúkọ afiránṣẹ́ ni kó wà, ibẹ̀ kì í sì í gbà ju lẹ́tà 11 lọ. Bí òbí kan bá ní òun kò rí i, ẹ béèrè bóyá ó ti fi 2442 dí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà lè wà lára ohun tí ó dí.

Lórí Wásáàpù, àmì kò díwọ̀n yín, ṣùgbọ́n ojú fóònù tó wà ní títì máa ń fi kìkì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ hàn. Iye owó àti ọjọ́ ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe "Ẹ káàárọ̀, àwọn òbí wa". Ẹ fi ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bíi `*₦38,500*`, kó lè dúdú. Bí ẹ bá ń lo àkójọ ìránṣẹ́ tí ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ti fi nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ pamọ́ sórí fóònù wọn nìkan ló máa rí i gbà.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kíkọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè sínú ẹgbẹ́ Wásáàpù kíláàsì. Ọ̀rọ̀ owó ìdílé kan kì í ṣe ohun tí ìdílé mìíràn gbọ́dọ̀ gbọ́. Yàtọ̀ sí ìtìjú tó kó bá ọmọ, Òfin Ìdáàbòbò Déétà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, wà lórí irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí kọ̀ọ̀kan.
- Fífi lẹ́tà náà lé ọmọ lọ́wọ́ ní ṣíṣí. Ní báyìí tí iye owó ti wà lókè pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, gbogbo ọmọ tó wà nínú bọ́ọ̀sì ló lè kà á. Ẹ ká a, kí ẹ fi pín-ìn-nì gún un, tàbí kí ẹ fi sínú àpò ìwé. Lẹ́tà tí a gé kúrú nílò èyí ju ti gígùn lọ.
- Iye tó yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá kọ owó ní ọ̀rọ̀ àti ní nọ́ńbà, ẹ yẹ àwọn méjèèjì wò. Ẹni tó ṣe àtúnṣe nọ́ńbà sábà máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀.
- Gbèdéke méjì nínú ìwé kan. "Ọjọ́ Ẹtì" wà lókè, "kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀" sì ṣẹ́kù sísàlẹ̀ láti inú lẹ́tà àtijọ́. Èyí tó jìnnà jù ni òbí máa mú.

## Àwọn òbí tí lẹ́tà yìí kò bá mu

Ẹni tó ti ṣàdéhùn láti máa san díẹ̀díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí ₦38,500 lókè ìwé. Iye tó kàn nínú àdéhùn ni kó rí, pẹ̀lú ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi sí i, kí àpapọ̀ tó kù wá wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá fi lẹ́tà gbogbogbòò ránṣẹ́ sí i, á rò pé ẹ ti da àdéhùn, ó sì lè dá owó dúró pátápátá.

Fún òbí tí kì í ka ìwé, tàbí ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ, ẹ pè é lórí fóònù tàbí kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ètò kan náà ni ẹ máa tẹ̀lé, àfi pé lẹ́nu, ìkíni ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú: "Ẹ káàsán mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló kù, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje Oṣù Kọkànlá, la sì fẹ́ gbà á." Ẹ dúró kí wọ́n tún iye àti ọjọ́ náà sọ padà fún yín kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ pè sínú ìwé ìṣirò ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ náà.